Ó máa ń ṣe mí jẹ́jẹ́ tá a bá ríra, àmọ́ lórí fóònù "O dáa" lásán ló ń kọ: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo pàdé bọ̀dá kan níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ́dún tó kọjá, Ìbàdàn ló ń gbé, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì lágbègbè Olúyọ̀lé ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń ránṣọ níbí l'Óṣogbo. Tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ká sòótọ́, kò tíì sẹ́ni tó tọ́jú mi bẹ́ẹ̀ rí. Á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi títí màá fi tilẹ̀kùn, á máa béèrè àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lórúkọlórúkọ, tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá já òun ló máa bá mi fi òmíì sí i, fóònù ẹ̀ kì í sì í jáde lápò. Inú mi máa ń dùn títí di ọjọ́ kejì.

Àmọ́ tó bá ti wọ mọ́tò padà sí Ìbàdàn báyìí, ó ti di ẹlòmíì nìyẹn. Màá kọ mẹ́sẹ́jì gígùn ránṣẹ́ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa dáhùn, nígbà míì ó di ọjọ́ kejì, ohun tó sì máa kọ kò ní ju "O dáa", "A dúpẹ́", "Mo ti rí i" lọ. Kì í bi mí ní nǹkan kan padà. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo máa ń rí "online" lábẹ́ orúkọ ẹ̀ kò sì ní dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo sítátọ́ọ̀sì tí mo bá gbé síbẹ̀ ló ń wò, òun gan-an ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò ó. Ṣé ẹni tó ráyè wo sítátọ́ọ̀sì kò ráyè kọ gbólóhùn méjì ni? Ọ̀rẹ́ mi ní ó ń fi mí ṣeré. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà gbọ́ mọ́, ṣé ẹni tó ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù ni àbí ẹni tó ń kọ "O dáa". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Fẹ́mi Ìkòròdú

Àǹtí, òótọ́ ni màá sọ fún yín o, ẹ má bínú. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin, kò síṣẹ́ tó lè dí i lọ́wọ́. Èmi fúnra mi, nígbà tí mò ń wá ìyàwó mi, mo máa ń dá a lóhùn lórí ọ̀kadà! Ẹni tó wà lórí "online" tí kò dá yín lóhùn, ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀, kò ní àlàyé méjì. Ẹ lọ wò ó bóyá tíìkì ẹ̀ máa ń di bùlúù, tí kò bá máa ń di bùlúù, ó ti pa á nìyẹn, ẹni tó bá sì pa bùlúù tíìkì ní nǹkan tó ń fi pa mọ́.

Jíbọ́lá Fóònù (Dùgbẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo rò pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ kọ́kọ́ bá a wo fóònù ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ẹni tó ni ín ti tan ètò tó ń tọ́jú bátìrì, kò sì mọ̀ pé ètò yẹn kì í jẹ́ kí Wọ́sáàpù gba mẹ́sẹ́jì lábẹ́lẹ̀, àfi tó bá ṣí i fúnra ẹ̀. Ẹ ó rí tíìkì kan ṣoṣo fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà á di méjì lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ṣí i. Kẹ́ ẹ ní kó wọ inú sẹ́tìn bátìrì, kó fún Wọ́sáàpù láyè kó máa ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Ẹ ṣé o bọ̀dá Jíbọ́lá, àmọ́ kì í ṣe pé mẹ́sẹ́jì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tíìkì méjì ni mo máa ń rí kíákíá, á sì di bùlúù nígbà míì. Ó ń kà á, ìdáhùn ni kò sí.

Jíbọ́lá Fóònù (Dùgbẹ̀)

Háà, mo ṣì í gbọ́ nígbà yẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kàn tún ti bọ̀dá Fẹ́mi ṣe díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi tíìkì bára wọn jà lásán. "online" yẹn, ohun tó ń sọ ni pé Wọ́sáàpù ṣí sílẹ̀ lórí fóònù ẹ̀ nísinsìnyí, kò sọ pé ó ti rí ọ̀rọ̀ yín, kò sì sọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ gúrúùpù ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń wò. Ẹni tó bá pa "Read receipts", òun náà ò ní lè rí bùlúù tíìkì tàwọn ẹlòmíì mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi dandan mú àwọn dáhùn ni. Kò sì pa á tán náà: nínú gúrúùpù ó ṣì máa ń hàn, tẹ́ ẹ bá sì fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ti gbọ́ ọ. Èèyàn sì lè ka mẹ́sẹ́jì yín látòkè fóònù láì ṣí i, bùlúù ò ní hàn. Nǹkan wọ̀nyẹn ò lè sọ fún yín bóyá èèyàn fẹ́ràn yín.

Fẹ́mi Ìkòròdú

Mo gbà ti tíìkì, àmọ́ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìyókù o. Ó ń kà á, kò dáhùn. Kí ló tún kù?

Bísí (Ìlọrin)

Sista mi, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Èmi náà bá irú ẹ̀ pàdé, tó bá wà lójú mi àfi bí àlá, tó bá ti lọ àfi "Mo wà ńbí". Mo sọ fún ara mi pé bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé láti bí aago méje ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, kò sí nǹkan kan, kódà ìpè kì í wọlé. Ọjọ́ Sọ́ńdè, kò sí nǹkan kan rárá. Tó bá sì máa pè mí, inú mọ́tò ló máa ń wà, mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ mọ́tò lẹ́yìn ẹ̀. Ó yí ibi iṣẹ́ padà láàárín ìgbà yẹn, àkókò iṣẹ́ ẹ̀ yí padà, àmọ́ àkókò tó ń dákẹ́ ò yí padà. Ìyàwó ló wà nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yẹn gan-an ló wá pè mí nígbà tó yá, mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀ níbí. Lọ wo aago tó ń dákẹ́ o, ìyẹn ni mò ń sọ fún ẹ.

Ráṣídì (Ṣàgámù)

Ẹ jẹ́ kémi tí mo jẹ́ irú bọ̀dá yẹn sọ̀rọ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ oúnjẹ lọ́hùn-ún, ṣífìtì mẹ́ta la ń ṣe, àárọ̀, ọ̀sán, òru, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń yí. Wọn ò gbà kí fóònù wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, torí ìmọ́tótó àti torí kó má baà já sínú nǹkan, inú lọ́kà ló máa wà títí tá a fi máa jáde. Torí náà fún wákàtí mẹ́jọ mi ò sí láyé yìí. Ọ̀sẹ̀ òru tún burú jù, aago méje àárọ̀ la ń jáde, tí mo bá délé oorun ni, mo lè máà jí títí di aago méjì ọ̀sán.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Tí ẹnì kan bá kọ mẹ́sẹ́jì gígùn sí mi, tó sọ ti ìyá ẹ̀, tó sọ ti oníbàárà tó bá a jà, tó tún béèrè ohun tí mo jẹ, tó ní ṣé mò ń ronú ẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé èyí ò ṣeé dá lóhùn báyìí, màá fara balẹ̀ dá a lóhùn tí mo bá délé. Tí mo bá délé, ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ kejì, ojú ń tì mí pé ó ti pẹ́. Níkẹyìn màá kàn kọ "O dáa". Bí mẹ́sẹ́jì yẹn bá ṣe dáa tó ni ìdáhùn mi ṣe máa ń pẹ́ tó. Èyí tó bá kọ kúkúrú, "Ṣé o ti jáde?", mo máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sítátọ́ọ̀sì, a kàn máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ nígbà tá a bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ni, kò gba èrò kankan.

Nǹkan míì tún wà tí ọkùnrin kì í sọ, mi ò mọ Òyìnbó kọ dáadáa, mi ò sì mọ Yorùbá kọ lórí fóònù náà, àmì orí ẹ̀ máa ń dà mí láàmú. Ẹni tí mo bá fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò ní fẹ́ kó rí àṣìkọ mi. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ méjì, kò sí àṣìkọ níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Bọ̀dá Ráṣídì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára o. Mi ò ronú kan ti pé mẹ́sẹ́jì mi lè máa dẹ́rù pa á. Mo rò pé bí mo bá ṣe kọ ọ́ gùn tó ni yóò ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun tó.

Mọ́mì Ṣíjú (Abẹ́òkúta)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé wá jù láyé fóònù yìí. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ kí n tó dé ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jókòó sí Ìkòròdú tàbí Abẹ́òkúta kó mọ ohun tó wà nínú ọkùnrin yẹn. Ìwọ ló ní ṣáàtì yẹn lọ́wọ́. Torí náà jókòó, lọ sókè, kà á wálẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àmọ́ má wo bó ṣe yára tó, má sì wo bó ṣe gùn tó. Ohun mẹ́ta péré ni kó o wò.

Àkọ́kọ́, àwọn mẹ́sẹ́jì tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kọ, kí ló wà nínú wọn? Àwọn kan kì í fi fóònù tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń fi ṣètò ni. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń kọ pé "Mò ń bọ̀ Sátidé", tó sì ń wá, fóònù yẹn ń ṣe iṣẹ́ tó gbé fún un. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa ń béèrè ìgbà tó ń bọ̀, tí kì í sọ ọjọ́ pàtó, ìyẹn ló yẹ kó bà ẹ́ nínú jẹ́, kì í ṣe "O dáa".

Ìkejì, ohun tó o bá sọ fún un lójúkojú, ṣé ó máa ń bá a dé Ìbàdàn? Ẹni tó kàn ń gbádùn ara ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ máa ń parí sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fi ọ́ sọ́kàn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á béèrè pé "Oníbàárà tó gbé aṣọ dá padà ńkọ́?" bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló fi béèrè ẹ̀.

Ìkẹta ni ti Bísí, àkókò tó ń dákẹ́. Bọ̀dá Ráṣídì sọ pé ṣífìtì máa ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà náà ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú ṣífìtì. Tí ìdákẹ́jẹ́ bá dúró sójú kan, tó jẹ́ alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, láìka ṣífìtì tó wà sí, má ṣe bo ojú ara rẹ.

Tó o bá ṣe é tán, padà wá sọ fún wa.

Dúpẹ́ (Pẹ́kọ́ọ̀mù, Lọ́ńdọ̀nù)

Mọ́mì, ẹ kú ọgbọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ẹ ní kó má wo bó ṣe yára. Èmi àti ẹni tí mò ń fẹ́, ó wà ní Adó-Èkìtì, èmi wà níbí, ọdún kan gbáko la ò ríra. Tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, tí kì í pè, kí ló kù fún mi? Àwọn tó ń gbé nítòsí lè sọ pé mẹ́sẹ́jì ò ṣe pàtàkì. Ayé ti yí padà, ìwọ tó wà l'Óṣogbo lónìí, ó lè jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ bọ̀dá yẹn á ríṣẹ́ sí ibòmíì. Tí kò bá lè bá ẹ sọ̀rọ̀ láti ibi tó jìnnà, ìṣòro gidi ni, kò kan bóyá ó fẹ́ràn ẹ tàbí kò fẹ́ràn ẹ. Èèyàn lè fẹ́ràn ẹ kó má sì bá ẹ mu.

Mọ́mì Ṣíjú (Abẹ́òkúta)

Òótọ́ ni o Dúpẹ́, mi ò bá ẹ jiyàn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n. Èyí tí Àbẹ̀kẹ́ béèrè ni pé ṣé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn òun. Èyí tó o béèrè ni pé ṣé ohun tó ń fún un tó o. Ó máa dáhùn ìkejì fúnra ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Mo ṣe ohun tí Mọ́mì sọ, mo ka gbogbo ẹ̀ láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, ó gba gbogbo alẹ́ mi.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ fúnra ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló dá lórí bíbọ̀ ẹ̀. "Sátidé yìí mò ń bọ̀, kí n ra kí ni?" Tọ́sìdeè ló sábà máa ń kọ ọ́, ó sì máa ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan tí kò lè wá, ó pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí n má baà lọ se oúnjẹ sílẹ̀. Mi ò rí ibì kan tí mo ti ní láti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá.

Ti ìkejì, mo rántí nǹkan kan tí mo ti gbàgbé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi, tí nǹkan funfun bò ó lójú. Mo kàn sọ ọ́ fún un lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù ni, mi ò kọ ọ́ ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó pè ní aago méje kọjá díẹ̀, ohùn ẹ̀ ti rẹ̀, ó ní "Ṣé wọ́n ti mú wọn wọlé?" Kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà yẹn mo rò pé ó ń kánjú ni, ìgbà tí mo wá ń ka ọ̀rọ̀ bọ̀dá Ráṣídì ló yé mi pé ẹnu géètì ibi iṣẹ́ ló wà, ó ń bọ̀ látinú ṣífìtì òru.

Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ ń yí o, Mọ́mì. Ọ̀sẹ̀ kan á dáhùn lálẹ́, ọ̀sẹ̀ míì ó di ọ̀sán. Mo ti pè é lálẹ́ Sọ́ńdè rí, ó gbé e, mo gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n àti ohùn àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò rí àlàyé fún. Nígbà tí onílé mi fi owó lé ṣọ́ọ̀bù, ọkàn mi dàrú, mo kọ gbogbo ẹ̀ sí i, mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n kó kúrò ni àbí kí n bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ títí ọjọ́ kejì, ó wá kọ "Ọlọ́run á ṣe é". Nígbà tó wá lọ́jọ́ Sátidé, kò dá a sílẹ̀ rárá. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo "O dáa" ayé lọ.

Fẹ́mi Ìkòròdú

Ẹ rí i báyìí! Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le lẹ ti ń mọ èèyàn.

Mọ́mì Ṣíjú (Abẹ́òkúta)

Fẹ́mi ní òótọ́ díẹ̀ níbí o, mi ò ní parọ́. Gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ ń fi hàn pé ó kà ẹ́ sí, àfi èyí. Àmọ́ èyí ò jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù mọ́, torí nígbà tó wà lójú rẹ gan-an kò sọ ọ́. Má kọ ọ́ ránṣẹ́. Tó bá tún wá, bi í léèrè lójúkojú, kí ojú ẹ wà lójú ẹ̀, má sì kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Má sọ pé "O kì í dá mi lóhùn", torí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Sọ ọjọ́ kan, sọ ọ̀rọ̀ kan: "Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù sí ẹ, kí ló wà lọ́kàn rẹ?" Lẹ́yìn náà dákẹ́, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, bó bá tiẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe. "Máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa" ò ṣeé wọ̀n, kò ní mọ ìgbà tó ṣe é tán. "Pè mí tó o bá jáde ṣífìtì, ìṣẹ́jú márùn-ún péré" ṣeé wọ̀n. Ìwọ náà, ìbéèrè kan ni kó o máa fi sí mẹ́sẹ́jì kan, èyí tó gùn, sọ ọ́ fún un nígbà tó bá pè. Wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lè kan ṣífìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má wo bóyá ó ṣe é láìpàdánù ọjọ́ kan, wo ohun tó ń ṣe nígbà tó bá pàdánù ẹ̀: ṣé ó ń padà wá fúnra ẹ̀, àbí ó ń dúró kó o tó bínú.

Bísí (Ìlọrin)

Mọ́mì, tó bá wá sọ pé òun ò ní lè pè ńkọ́?

Mọ́mì Ṣíjú (Abẹ́òkúta)

Tó bá sọ pé òun ò lè pè, tó sì mú nǹkan míì wá, bíi kó fi ohùn ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá sọ pé òun ò lè pè, tí kò sì mú nǹkan kan wá, tó ní "Ṣé ìgbà tí mo bá wá ò tó ni?", ó ti dá a lóhùn nìyẹn, ó wá kù sí ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ bóyá ó tó.

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ará mi, mo ti padà dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, iṣẹ́ aṣọ ọdún pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo bi í ní ìbéèrè yẹn bí Mọ́mì ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́. Ló bá ní òun rò pé owó ni mò ń fẹ́ ọgbọ́n béèrè. Ó ní kò sówó lọ́wọ́ òun lóṣù yẹn, òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ kí n má fojú aláìní wo òun, torí náà òun kọ "Ọlọ́run á ṣe é", òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí n má tún dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ní owó kọ́ ni mo béèrè o, ìmọ̀ràn ni. Ó ní òun mọ̀ nísinsìnyí. Ojú ẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún. Ti mẹ́sẹ́jì gígùn, ohun tí bọ̀dá Ráṣídì sọ ló sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní òun máa ń fi sílẹ̀ kóun lè fara balẹ̀ dáhùn.

Ti ìpè, ọ̀sẹ̀ ṣífìtì àárọ̀, ó pè lójoojúmọ́ ní aago mẹ́ta kọjá. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sán, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ń jáde, èmi ti máa ń sùn, la bá yí i sí àárọ̀ kó tó lọ, ó ń pè, àmọ́ kì í pẹ́. Ọ̀sẹ̀ òru ló bàjẹ́, ọjọ́ méjì ò sí nǹkan kan, mo ti ń bínú, ọjọ́ kẹta ló fi ohùn ránṣẹ́, ó ní oorun ló gbé òun lọ láti orí àga, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wá a. Lórí Wọ́sáàpù ní tiẹ̀, "O dáa" ṣì ni o, ìyẹn ò yí padà rárá.

Ráṣídì (Ṣàgámù)

Ọ̀sẹ̀ òru yẹn, ẹ ní kó pè yín láti ẹnu lọ́kà, kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Tó bá ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì ó ti parí, oorun ni. Èmi náà, ibẹ̀ ni mo ti ń pe ìyàwó mi.

Fẹ́mi Ìkòròdú

Inú mi dùn sí ti ìpè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn ṣì ń kọ mí lóminú. Ọkùnrin tó ń sá fún ọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sówó lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ra yín tán ńkọ́, tí owó ilé ìwé ọmọ bá dé? Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀ o.

Dúpẹ́ (Pẹ́kọ́ọ̀mù, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìbéèrè dáadáa ni Fẹ́mi béèrè. Èmi náà ní kan: Àbẹ̀kẹ́, yàtọ̀ sí àbúrò ẹ̀, ta lo tún mọ̀ lára àwọn èèyàn ẹ̀? Ó ti mọ màmá ẹ, ó mọ àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ. Ìwọ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Àbúrò ẹ̀ nìkan, orí fóònù náà sì ni. Ọ̀yọ́ ni màmá ẹ̀ wà. Ó ti sọ rí pé ká jọ lọ kí wọn, àmọ́ kò dá ọjọ́. Dúpẹ́, o ti jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kì í dá ọjọ́ fún, ọkùnrin tó ń dá Sátidé fún gbogbo nǹkan. Ti Fẹ́mi náà, mi ò tíì ní ìdáhùn ẹ̀.

Mọ́mì Ṣíjú (Abẹ́òkúta)

Bi í ní ọjọ́ nígbà tó bá tún pè, kì í ṣe nínú mẹ́sẹ́jì. Ọjọ́ pàtó ni kó o béèrè, kó o sì jẹ́ kó mọ̀ pé o máa nílò àyè láti ti ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ní ìdí tí kò fi tíì fẹ́, jẹ́ kó sọ ọ́, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ owó náà ni, ó lè má fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Tó bá tún ní "A máa lọ", tí kò dá ọjọ́, padà wá bá wa níbí ká jọ wò ó.

Àbẹ̀kẹ́ Télọ̀ (Òṣogbo)

Ọ̀sẹ̀ ṣífìtì àárọ̀ ló wà báyìí, aago mẹ́ta ló máa pè. Màá béèrè lónìí.